Ìràpadà Ìpín àbí Títa Ilé-iṣẹ́: Ọ̀nà Wo Ni Owó Olùdókòwò Yóò Gbà Padà?

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé-iṣẹ́ gàrí kan ní Kétu, tí olùdókòwò fi mílíọ̀nù 20 fáráńkì sẹ́fà ra ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Lọ́nà àkọ́kọ́, ilé-iṣẹ́ náà yóò ra ìpín yìí padà ní mílíọ̀nù 9 lọ́dọọdún, láti òpin ọdún kẹrin dé ìkeje, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 36. Lọ́nà kejì, wọn yóò dúró de ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí yóò ra gbogbo ilé-iṣẹ́ gàrí náà. Bí ó bá san mílíọ̀nù 200 ní òpin ọdún kẹjọ, mílíọ̀nù 50 ni ti olùdókòwò.

Lójú, títà dára jù lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àkókò kún ìṣirò, ìràpadà mú èrè bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún wá lọ́dún, títà sì mú bí 12 wá, bẹ́ẹ̀ olùrà lè má yọjú rárá.

Èrè gidi ni ìṣòro ìràpadà. Bí èrè ọdún kan bá jẹ́ mílíọ̀nù 12, òfin OHADA, ìyẹn òfin òwò tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà jọ ń lò, ní kí a kọ́kọ́ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá pamọ́, títí àkópamọ́ náà yóò fi tó ìdá kan nínú márùn-ún owó ìdásílẹ̀. Lẹ́yìn mílíọ̀nù 9, kìkì mílíọ̀nù 1.8 ni yóò kù fún àtúnṣe ẹ̀rọ ìrìnpákí. A kò lè ṣèlérí èrè pínpín lórí owó kan náà.

Ní tèmi, ìràpadà ni kí a kọ sílẹ̀ bí ètò, kí a sì fi kún un pé, bí olùrà bá dé ṣáájú ọdún keje, iye tí ó san ni a ó fi díwọ̀n ìpín tí ó ṣẹ́kù.