Gígé ìlà Bésíà oníkúbíìkì sí méjì: ìfiwéra ọ̀nà méjì fún ẹni tó fẹ́ ra irinṣẹ́ ìyàwòrán

Ẹni tó bá fẹ́ ra láíbìrì tàbí ètò ìyàwòrán tó ń gé ìlà Bésíà yóò rí i pé ìlérí kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: ẹ fún un ní ìlà kan àti iye t kan láàárín 0 àti 1, yóò sì dá ìlà kékeré méjì padà fún yín, èyí tí àpapọ̀ wọn kò ní yàtọ̀ sí ìlà àkọ́kọ́ rárá. Lórí ìwé, òótọ́ ni. Ọ̀nà tí irinṣẹ́ náà ń gbà ṣe ìṣirò ni ìyàtọ̀ wà, ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni ìyàtọ̀ náà sì ti máa ń hàn. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Mo fẹ́ fi wọ́n wé ara wọn lórí ìlà kan ṣoṣo tí ẹ̀yin náà lè tẹ̀ sínú ẹ̀dà ìdánwò kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀nà kìíní ni èyí tí Paul de Casteljau gbé kalẹ̀ ní ọdún 1959 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Citroën. Ìlà oníkúbíìkì ní àmì mẹ́rin: P0 ni ìbẹ̀rẹ̀, P3 ni òpin, P1 àti P2 sì ni àwọn méjì tó ń fa ìlà náà mọ́ra láìjẹ́ pé ó kàn wọ́n. Ohun tí ọ̀nà yìí ń ṣe kò ju pé kó rìn ní ìwọ̀n t láti àmì kan dé èkejì, kó sì tún rìn bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn àmì tuntun tó rí, títí yóò fi ku àmì kan ṣoṣo.

```
A = P0 + t*(P1 - P0)
B = P1 + t*(P2 - P1)
C = P2 + t*(P3 - P2)
D = A + t*(B - A)
E = B + t*(C - B)
F = D + t*(E - D)
```

F ni ojú ibi tí a ti gé e. Ìlà apá òsì ni P0, A, D, F. Ti apá ọ̀tún ni F, E, C, P3. B nìkan ni a kò mú lò nínú àbájáde.

Ẹ jẹ́ kí a mú (0,0), (0,64), (128,64) àti (128,0), kí a sì gé e níbi tí t ti jẹ́ 0.25. A yóò jẹ́ (0,16), B yóò jẹ́ (32,64), C yóò jẹ́ (128,48). Láti ara wọn ni D yóò ti jẹ́ (8,28), E yóò jẹ́ (56,60), F yóò sì jẹ́ (20,36). Ẹ wo D, F àti E dáadáa: orí ìlà tààrà kan ni wọ́n wà, ọ̀nà tó wà láàárín F àti E sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta èyí tó wà láàárín D àti F, nítorí pé 0.75 jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta 0.25. Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù lọ nìyí, nítorí pé ẹ lè fi yẹ irinṣẹ́ èyíkéyìí wò láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kejì kì í rìn láti àmì dé àmì. Ó kọ́kọ́ ń sọ àwọn àmì mẹ́rin náà di kóẹ́fíṣẹ́ǹtì a, b, c àti d, kí ìlà náà lè di at³ + bt² + ct + d. Ó ń ṣírò kóẹ́fíṣẹ́ǹtì tuntun fún abala kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sọ wọ́n padà di àmì mẹ́rin. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí ẹ bá fẹ́ gé ìlà kan sí ọ̀pọ̀ abala lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò ṣírò kóẹ́fíṣẹ́ǹtì ìpilẹ̀ṣẹ̀, gbogbo iye t yín yóò sì máa dúró bí ẹ ṣe kọ wọ́n.

Ibi tó ti ń kọsẹ̀ ni àwọn àmì ìpẹ̀kun. Nínú ọ̀nà de Casteljau, P0 àti P3 kò kọjá nínú ìṣirò kankan, F kan náà sì ni abala méjèèjì ń lò. Nínú ọ̀nà kóẹ́fíṣẹ́ǹtì, ìṣirò ni a fi ń tún àwọn àmì náà rí, wọ́n sì lè yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní ipò wọn. Láíbìrì fontTools, tó ń lo ọ̀nà kejì yìí nínú `splitCubicAtT`, mọ ewu náà, ìdí nìyẹn tó fi ń dá àmì ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin gan-an padà sí ipò wọn lẹ́yìn ìṣirò. Bí àwòrán yín bá jìnnà sí oríta 0,0, bí ti máàpù, tí irinṣẹ́ náà sì ń lo nọ́ńbà onídẹ́símà oníbíìtì 32, ọ̀rọ̀ náà le sí i: ní àyíká 1,000,000, àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà kan àti èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 0.0625, àmọ́ nígbà tí kóẹ́fíṣẹ́ǹtì bá ti sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, àlàfo náà di 0.25. Ẹ fi 1,000,000 kún gbogbo nọ́ńbà inú àpẹẹrẹ wa, kí ẹ gé e níbi tí t ti jẹ́ 0.3, kí ẹ sì wò ó bóyá òpin abala òsì àti ìbẹ̀rẹ̀ abala ọ̀tún ṣì jẹ́ ọ̀kan náà. Bí wọn kò bá dọ́gba, àlàfo ti wọ inú àwòrán yín.

Àléébù ti ọ̀nà kìíní ń yọjú nígbà tí ẹ bá gé ìlà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lẹ́yìn tí ẹ ti gé e ní 0.25, abala ọ̀tún ti ní t tirẹ̀ láti 0 sí 1, nítorí náà ibi tó jẹ́ 0.5 lórí ìlà àkọ́kọ́ ti di (0.5 − 0.25) / (1 − 0.25), ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta. Irinṣẹ́ tó dára ń ṣe àtúnṣe yìí fúnra rẹ̀. Ẹ fún un ní 0.25 àti 0.5 pa pọ̀ lórí ìlà wa: bí ojú gígé kejì bá jẹ́ (64,48), ó ṣe é, bí ó bá jẹ́ (87.5,45), ó gbàgbé.

Kí ẹ má sì rò pé t ń wọn gígùn, ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn. Ìlà tí àmì mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ wà ní (0,0), tí ìkẹrin wà ní (64,0), bí a bá gé e níbi tí t ti jẹ́ 0.5, ojú (8,0) ni yóò ti já, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́jọ péré. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ pípín ìlà sí gígùn ọgbọọgba, irinṣẹ́ tó ń gba gígùn, tó sì ń wá t fúnra rẹ̀, ni kí ẹ béèrè fún.

Fún ẹni tó ń ya àwòrán, tó sì ń gé ìlà lẹ́yọ lẹ́yọ, èmi yóò mú ọ̀nà de Casteljau láìṣiyèméjì. Ẹni tó ń gé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà sí ọ̀pọ̀ abala lè mú ọ̀nà kejì, bí ó bá ti rí i pé a ń dáàbò bo àwọn àmì ìpẹ̀kun.

Fún àwọn tó ń ya lẹ́tà fọ́ǹtì, ìbéèrè kan ṣì kù tó ju yíyan ọ̀nà lọ, ìyẹn ni ìgbà tí irinṣẹ́ náà ń sọ nọ́ńbà di odidi. Ẹ gé ìlà wa níbi tí t ti jẹ́ 0.3: D jẹ́ (11.52,32.64), F jẹ́ (27.648,40.32), E jẹ́ (65.28,58.24), orí ìlà tààrà ni wọ́n sì wà. Bí irinṣẹ́ bá sọ wọ́n di odidi lójú ẹsẹ̀, wọ́n di (12,33), (28,40) àti (65,58), igun kékeré tó lé díẹ̀ ní dígírì 2 sì ti yọ níbi tí ìlà ti yẹ kó máa yọ̀ geere. Bí ẹ bá tún gé abala yẹn, orí àṣìṣe náà ni irinṣẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra èyí tó ń tọ́jú dẹ́símà náà títí di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi fáìlì pa mọ́.