Frikuẹ́nsì sẹparéṣọ̀n nínú Fọtoṣọ́ọ̀pù: ara dọ́gba, ojú ò dà bíi rọ́bà

Fọ́tò ìgbéyàwó ni mò ń yà ní Sùúrùlérè. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú Fọtoṣọ́ọ̀pù, èyí ni mi ò lè fi sílẹ̀ láé. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbé àwọ̀ àti òjìji ojú sí léyà kan, ó ń gbé ihò ara wẹ́wẹ́ àti irun kéékèèké sí òmíì, kéèyàn lè tún ọ̀kan ṣe kó má kan èkejì.

Ẹ wo ìyàwó kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ pupa, tí iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀ dúdú. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ mí di òyìnbó o." Mo tẹ Ctrl+J lẹ́ẹ̀mejì kí n lè ní ẹ̀dà fọ́tò náà méjì, mo pa ojú ẹ̀dà òkè, mo fún ẹ̀dà ìsàlẹ̀ ní Gaussian Blur díẹ̀díẹ̀ títí ihò ara fi pòórá àmọ́ tí ibi dúdú yẹn ṣì hàn dáadáa, Radius 8 ló bọ́ sí torí ojú ẹ̀ kún fọ́tò náà, tó bá jẹ́ pé ó dúró látòkè délẹ̀ ni, 2 tàbí 3 ti tó. Mo wá ṣí ti òkè, mo lọ sí Apply Image, mo mú léyà ìsàlẹ̀:

```
8 bit:  Subtract, Scale 2, Offset 128
16 bit: Add, Invert, Scale 2, Offset 0
```

Gbogbo ẹ̀ á di eérú, ẹ má jáyà, ẹ gbé Blend Mode léyà òkè sí Linear Light, fọ́tò á padà bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Tí kò bá bá ti àkọ́kọ́ mu, ẹ má tẹ̀síwájú, nọ́ńbà kan ti ṣì.

Léyà ìsàlẹ̀ niṣẹ́ wà. Mo fi Lasso tí Feather ẹ̀ jẹ́ 20 yí ibi dúdú yẹn ká, mo fi díẹ̀ mọ́ ọn lára ibi tó dáa, mo fún un ní Gaussian Blur bíi 20, mo tún bọ́ sí ibòmíì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba ojú jẹ́ rèé: wọ́n á jẹ́ kí Lasso kọjá òjìji imú, ètè tàbí etí irun, dúdú ibẹ̀ á wá ṣàn wọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn míì tún ń fún léyà òkè ní blur, ihò ara yẹn gan-an ni wọ́n ń pa yẹn o! Rorẹ́ nìkan ni mò ń fi Healing Brush mú kúrò níbẹ̀, mo sì ń gbé Sample sí Current Layer. Tí mo bá parí, mo á kó léyà méjèèjì sínú gúrúùpù kan, mo á fa Opacity ẹ̀ wálẹ̀ sí bíi 70, kí díẹ̀ nínú ojú ẹ̀ gangan lè hàn.

Mo fún un ní 4 nínú 5. Máàkì kan tí mo yọ, torí ọrùn ni: tí páńkéèkì bá mú ojú pupa ju ọrùn lọ, èyí ò lè tún un ṣe, Curves pẹ̀lú másìkì lẹ máa lò. Fọ́tò tó sì gba orí Wáásáàpù wá tí ihò ara ti parẹ́ ńkọ́? Kò sóhun tẹ́ ẹ fẹ́ yà sọ́tọ̀ níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ojúlówó fáìlì ránṣẹ́.