Àpótí ike tí mo fi ń kó ẹ̀ṣọ́ Kérésì pamọ́: ó dáa o, àmọ́ ẹ yọ páálí inú ẹ̀ dànù

Ẹ kúulé o. Mo ṣèlérí pé tí àpótí yìí bá ti rí òjò Ìbàdàn dáadáa tán ni mo máa tó sọ nǹkan kan nípa ẹ̀, torí gbogbo àgbéyẹ̀wò tí mo kà kí n tó rà á, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já náílọ́ọ̀nù ara ẹ̀ ló kọ ọ́, kí lẹ máa mọ̀ nípa àpótí ìkẹ́rùsí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á?

Ike ni, ó mọ́ gaara, ẹ máa rí ohun tó wà nínú ẹ̀ láìṣí i, rọ́bà wà nínú etí ìdérí ẹ̀, ìdè mẹ́rin ló sì fi ń há. Àtẹ mẹ́ta ló tò léra nínú ẹ̀, wọ́n wá fi páálí pín àtẹ kọ̀ọ̀kan sí ojú ogún, bọ́ọ̀lù igi Kérésì kan sójú kan. Tẹ́ ẹ bá yí ìdí ẹ̀ wò, ẹ máa rí onígun mẹ́ta tó ní 5 nínú pẹ̀lú lẹ́tà PP. Ẹ rí i pé ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó, irú ike yẹn máa ń tẹ̀ díẹ̀ kó tó ya, àwọn tó le gan-an tó ń dán bíi gíláàsì yẹn ò lè gba kó jábọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá tó tà á fún mi ní Dùgbẹ̀ bi mí pé, "Àǹtí, páálí ò sí nílé yín ni?" Páálí wà nílé wa, mà, páálí gan-an ni mò ń sá fún. Ihò gbọọrọ gbọọrọ tó wà láàárín páálí yẹn, ibẹ̀ láàyán fẹ́ràn jù, ó ṣókùnkùn, ó há, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀ sì sábà máa ń jẹ́ sítáàṣì, ìyẹn ni pé ilé ni, oúnjẹ ni. Ẹyin aáyán kì í wà lọ́kọ̀ọ̀kan, inú èpo kékeré kan tó pọ́n rúsúrúsú ló máa ń wà, kò ju ẹ̀wà kan lọ, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ̀rọ̀ páálí pinpin. Tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn, tàbí ìgbẹ́ dúdú wínníwínní nísàlẹ̀ páálí, ẹ má kó nǹkan sínú ẹ̀ mọ́, ìta ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá. Ti eku ò tún ṣe é sọ, ó máa ń gé wáyà iná jẹ bó tiẹ̀ ò jẹ ẹ́ yó, torí eyín ẹ̀ ò dẹ́kun àtidàgbà, ó gbọ́dọ̀ máa fi gé nǹkan ni.

Nípa ìyẹn, mo fún àpótí yìí ní máàkì tó pọ̀. Aáyán kankan ò wọ inú ẹ̀. Eku gbìyànjú, mo rí ojú eyín ẹ̀ ní igun kan nísàlẹ̀, ó họ ọ́, ó tún họ ọ́, kò ríbi fi eyín mú. Mo ní báàgì olásíìpù kan fún irú iṣẹ́ yìí kan náà, aṣọ ni wọ́n fi ṣe é, ó rẹwà ju àpótí yìí lọ fíìfíì, àmọ́ ẹnu síìpù kì í pa dé tán, ọmọ aáyán tínńtín ò sì nílò ju ààyè yẹn lọ.

Ẹ̀dùn ọkàn mi nìyí: àwọn tó ṣe àpótí ike yìí, tí wọ́n fi rọ́bà sí i létí, ni wọ́n tún wá fi páálí ṣe páátíṣọ̀n inú ẹ̀! Ohun téèyàn ń lé síta ni wọ́n tún gbé sí inú. Páálí máa ń fa ọ̀rinrin, tó bá ti fà á ó máa tẹ̀, tó bá ti tẹ̀ bọ́ọ̀lù òkè á jókòó lé ti ìsàlẹ̀. Mo bá yọ gbogbo ẹ̀ dànù. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ pátákó ìpolówó, ike pẹlẹbẹ kan wà tó ní ihò láàárín bíi páálí, òun làwọn olóṣèlú máa ń fi ya fọ́tò wọn tí wọ́n ń kàn mọ́ òpó iná, àwọn onítẹ̀ẹ̀wé máa ń ní àjákù ẹ̀ nílẹ̀. Mo gbé páátíṣọ̀n páálí yẹn lé e lórí, mo fi bírò fà á, mo fi bíléèdì gé e. Ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ la ìlà sí èyí tó dùbúlẹ̀ láti òkè dé ìdajì, kẹ́ ẹ sì la èyí tó dábùú ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì, wọ́n á kọ́ ara wọn láìlo gọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ kí ìlà yẹn fẹ̀ tó bí ike ṣe nípọn, tó bá há jù ó máa ká. Mo tún fi àǹfààní yẹn ṣe àtẹ ìsàlẹ̀ ní ojú mẹ́fà péré, kí àwọn bọ́ọ̀lù ńlá lè wọ̀ ọ́, torí ojú tí wọ́n ṣe wá ò gba èyí tó bá fẹ̀ ju ínṣì mẹ́ta lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin ló kù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bú àpótí láìṣẹ̀. Rọ́bà tí ò jẹ́ kí aféfẹ́ wọlé, òun náà ni ò ní jẹ́ kó jáde o. Afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ bá há mọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ pa á dé ló máa wà ńbẹ̀ títí Kérésì tó ń bọ̀. Ẹ wá wò ó, nínú oṣù kìíní, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ètè èèyàn ń là, aṣọ ń gbẹ kó tó di ọ̀sán, àkókò yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ kó ẹ̀ṣọ́. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan máa ń tú tiwọn lẹ́yìn ọjọ́ kẹfà oṣù náà, ìyẹn dáa púpọ̀. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi igi sílẹ̀ ní pálọ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ á fi dé, tẹ́ ẹ wá ń kó o lóṣù kẹrin, ọ̀rinrin lẹ̀ ń há mọ́bẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan ní àdúgbò wa ra irú àpótí yìí gan-an, ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ ló kẹ́rù sínú ẹ̀, nígbà tó ṣí i, ìkọ́ irin orí bọ́ọ̀lù ti dípẹtà, aṣọ Bàbá Kérésì ẹ̀ ti bu, ó ń rùn. Tẹ́ ẹ bá ń rí omi tó sé sábẹ́ ìdérí láàárọ̀ kùtù, ẹ má dúró, ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ síbi tí atẹ́gùn wà títí á fi gbẹ.

Èmi máa ń fi jẹ́ẹ̀lì sílíkà sí i, àpò wínníwínní tó máa ń wà nínú bàtà àti báàgì tuntun yẹn, mo ń kó o jọ látọdún. Èyí tó ní àwọ̀ dáa jù, aláwọ̀ ọsàn á di àwọ̀ ewé tó bá ti fa omi yó, ẹ ò ní máa méfò. Ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kọ́mọdé rí i fi ṣeré ṣá. Ẹnì kan ní kí n fi ìrẹsì dípò ẹ̀. Ìrẹsì kẹ̀? Kí kòkòrò wá rí oúnjẹ jẹ nínú àpótí tí mo ń torí kòkòrò rà? Ìdí yẹn náà ni gbogbo ohun tí àwọn ọmọ fi ìyẹ̀fun, gúgúrú tàbí bísíkíìtì ṣe nílé ìwé ò fi ní bá tèmi wọnú àpótí, mo máa ń ya fọ́tò ẹ̀ kó tó wọ garawa ìdọ̀tí.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó mi, da káńfọ̀ díẹ̀ sí i." Mo ní, "Ẹ ṣé mà, àmọ́ káńfọ̀ á bà á jẹ́." Òótọ́ ni. Káńfọ̀ funfun roboto tó wà lọ́jà wa, naftalíìnì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, òórùn ẹ̀ sì máa ń mú fóòmù funfun àti àwọn ike kan rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́wọ́, ọ̀dà ara ẹ̀ á sì bó. Pabanbarì ẹ̀, tọ́mọ tuntun bá wà nílé, naftalíìnì lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, ò pé lára ẹ̀ jẹ́, kí ojú ẹ̀ pọ́n lọ́wọ́ ibà pọ́njú, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ nílẹ̀ wa. Nígbà tí mo ṣàlàyé ìyẹn, Màmá ò tún sọ̀rọ̀ káńfọ̀ mọ́.

Ti iná, àpótí ò ní ààyè tí wọ́n dìídì ṣe fún un, ìyẹn kù díẹ̀ káàtó. Ike pátákó yẹn náà ni mo gé ní pẹlẹbẹ, mo gé ẹnu sí i lápá méjèèjì. Orí wáyà tí ò ní púlọ́ọ̀gì lẹ máa kọ́kọ́ há sẹ́nu àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ wá máa wé e, ẹ má fà á le, kí púlọ́ọ̀gì ó gbẹ̀yìn síta. Lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ máa kì í bọ iná lórí ike yẹn kẹ́ ẹ tó tú u, tí kò bá tàn ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gun igi. Ti oníbátìrì, ẹ yọ bátìrì ẹ̀ kíákíá, omi inú ẹ̀ á jò, á sì jẹ irin tó wà nínú ilé bátìrì. Tó bá ti ń hu nǹkan funfun tẹ́lẹ̀, ẹ fi òwú tẹ́ ẹ rẹ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Bọ́ọ̀lù gíláàsì ni mo máa ń fi àjákù aṣọ tẹ́lọ̀ wé, mo ti fọ̀ ọ́ kí sítáàṣì ara ẹ̀ lè kúrò. Ìwé ìròyìn máa ń yí dúdú sí ọ̀dà funfun lára.

Ìdè àpótí ni àbùkù ẹ̀ tó kù, ọ̀kan ti kán, ibi tó ti ń ká ti di funfun kó tó kán, ẹ máa wo ibẹ̀. Ẹ má tò ó ju méjì léra, ìdérí ń tẹ̀, rọ́bà á sì ṣí ní igun. Ẹ má gbé e sí àjà abẹ́ páànù, ooru ọ̀sán á yọ́ àbẹ́là, á sì tú ohun tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, abẹ́ àkàbà ni tèmi wà, mo fi pákó gbé e kúrò nílẹ̀. Igi fúnra ẹ̀ ò lè wọ̀ ọ́ rárá. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, tí wọ́n bá fi ike rọ́pò páálí yẹn, màá fún wọn ní márùn-ún.