Bode tàbí Nyquist, ọ̀nà méjì tí a fi ń mọ̀ bóyá ètò tí àbájáde rẹ̀ ń padà wọ inú rẹ̀ yóò dúró: èwo ló ṣeé gbára lé?

Ẹ jẹ́ ká mú ètò L(s) = 3/(s − 1), tí kò dúró fúnra rẹ̀, ká wá dá àbájáde rẹ̀ padà sínú rẹ̀. Òfin kúkúrú Bode ní kí géènì má tó 1 níbi tí fáàsì ti jẹ́ −180°. Ní ω = 0, fáàsì jẹ́ −180°, géènì sì jẹ́ 3; òfin yìí ní ètò tí a dá padà náà kò ní dúró. Irọ́ gbuu!

Nyquist ń ka N, iye ìgbà tí ìlà L(jω) yí −1 ká bí ọwọ́ aago: Z = N + P, P jẹ́ iye pólù L(s) tí kò dúró, Z sì jẹ́ iye irú pólù bẹ́ẹ̀ nínú ètò tí a dá padà. Ìlà yìí jẹ́ òbírí láti −3 dé 0, ó yí −1 ká lẹ́ẹ̀kan, lòdì sí ọwọ́ aago. N = −1, P = 1, Z = 0: ó dúró, s = −2 ni ojútùú 1 + L(s) = 0. Bí 3 bá di 0.5, òbírí kò dé −1 mọ́; Z = 1, ó dà rú, bẹ́ẹ̀ Bode ì bá gbà á. Tí P bá jẹ́ 0, Bode ni mo máa ń kọ́kọ́ yà, ó yá jù.