Nọ́ńbà 78 tí wọ́n fi hàn mí kí n tó sanwó: ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta káàdì àwòrán báyìí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra káàdì àwòrán, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá èyí tó lè ṣe títọpa ìmọ́lẹ̀, ẹ ní sùúrù kẹ́ ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó yọwó. Ohun tí géèmù máa ń kọ sí `Ray Tracing` nínú ètò rẹ̀ ni mò ń pè ní títọpa ìmọ́lẹ̀: káàdì á máa ṣírò bí ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn àti ohun tó ń kàn, kí iná àti òjìji lè jọ ti gidi. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì lórí ẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà ṣe é mọ́ tónítóní débi pé ẹni tó tà á fún mi lè búra pé òun ò pa irọ́ kankan.

RTX 3060 àlòkù ni mo lọ rà, èyí tó ní mẹ́mọ́rì gígábáìtì 12. Ọkùnrin náà ti tan kọ̀ǹpútà sílẹ̀ dè mí. Cyberpunk 2077 ló wà lójú sikíríìnì, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nínú géèmù náà, iná pupa àti búlúù ń tàn yòò nínú omi tó dárogún sójú títì. Ó ṣí ètò àwòrán, ó fìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ `Ultra` sí níwájú títọpa ìmọ́lẹ̀, ó yáa tì í pa, ó padà sínú géèmù, ó ní kí n wo igun òkè, níbi tí iye fíréèmù wà, ìyẹn iye àwòrán tí káàdì ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 78.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin náà fojú ara yín rí i. Gbogbo ẹ̀ ló wà ní títàn, 78 ló sì ń sá.”

Mo sanwó. Mo délé, mo ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà, mo ṣí géèmù kan náà, mo gbé títọpa ìmọ́lẹ̀ sí `Ultra` bíi tiẹ̀. 27 ni mo rí. Mo kọ́kọ́ rò pé díráífà ni, mo yọ ọ́, mo tún un fi sí i. 27 náà ni. Mo pe ọkùnrin yìí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, káàdì yẹn ò ní wàhálà kankan, kọ̀ǹpútà yín ni kẹ́ ẹ wò.” Òótọ́ ló sọ níbi ti káàdì, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Káàdì náà ò bàjẹ́, kì í sì í ṣe ayédèrú. Ohun tó fi hàn mí ni kì í ṣe agbára káàdì.

Mo fi gbogbo alẹ́ ọjọ́ yẹn yí ètò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá pa títọpa ìmọ́lẹ̀ pátápátá, 64 fíréèmù ni káàdì ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí mo bá tàn án sí `Ultra`, 27. Tí mo bá wá gbé FSR sí `Performance`, ó gòkè di 46. Ìgbà tí mo tan `Frame Generation` mọ́ ọn ni 78 yẹn yọjú. Kò kọjá bẹ́ẹ̀, kò sì dín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan méjì yẹn, torí inú wọn ni jìbìtì náà wà. Tí ẹ bá gbé FSR ti AMD tàbí DLSS ti Nvidia sí `Performance` lórí sikíríìnì 1920×1080, káàdì ò ya 1920×1080 fún yín mọ́. Ó ń ya 960×540, ìdá mẹ́rin kan ṣoṣo iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe, á wá fẹ̀ ẹ́ kó kún ojú sikíríìnì. Tí ẹ bá wo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ọgbà irin láti òkèèrè, ẹ máa rí i tó ń gbọ̀n rìrì bí ẹ ṣe ń rìn, òjìji iná inú omi á sì máa ṣe bàì-bàì. Mo rí i lójú sikíríìnì ọkùnrin yẹn, mo rò pé sikíríìnì ẹ̀ ló ti gbó.

`Frame Generation` tún wá burú jùyẹn lọ fún ẹni tó ń wo nọ́ńbà. Láàárín fíréèmù gidi méjì, ó máa fọgbọ́n ya ẹ̀kẹta tí géèmù fúnra ẹ̀ ò mọ̀ nípa ẹ̀. Nínú 78 yẹn, 39 péré ni gidi. Ẹ ṣírò ẹ̀ dáadáa: 46 ni káàdì ń yà kí n tó tàn án, ó wá já sí 39 lẹ́yìn tí mo tàn án, torí pé yíya fíréèmù àfikún yẹn fúnra ẹ̀ ń jẹ nínú agbára káàdì. Nọ́ńbà gòkè, géèmù wálẹ̀. Bí ẹ bá di másì mú, ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́: ẹ yí orí padà, ojú ìwòye á fà díẹ̀ kó tó tẹ̀ lé yín, torí ètò náà gbọ́dọ̀ di fíréèmù gidi kan mú dúró ná kó tó lè ya èyí tó máa wà láàárín. Ẹni tó dúró sẹ́yìn tó ń wòran kò lè mọ̀. Èmi ò di másì mú ní tèmi, òun ló ń gbá a.

Mi ò sọ pé nǹkan wọ̀nyẹn ò dáa o. Èmi náà ń lo FSR títí di òní. Ṣùgbọ́n kéèyàn fi wọ́n ṣe aṣọ bo káàdì tó ń ṣe 27, kó wá tà á bí ẹni pé 78 ni, jìbìtì ni lójú tèmi.

Kí ló dé tí títọpa ìmọ́lẹ̀ fi ń jẹ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ fi ìdá ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, àkókò ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. 64 fíréèmù ní ìṣẹ́jú àáyá kan túmọ̀ sí pé káàdì mi ń lo nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 15.6 lórí fíréèmù kọ̀ọ̀kan. 27 túmọ̀ sí 37. Ó já sí pé lórí gbogbo fíréèmù, mílísẹ́kọ́ńdì 21 ni káàdì ń lò láti máa ju ìtànṣán káàkiri, láti wá ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kàn, àti láti nu ariwo, ìyẹn àmì wínníwínní, tó kù nínú àwòrán nù. Àfikún yìí ju iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ wá fojú inú wo káàdì tó lágbára, tó ń ṣe 140 láì tan títọpa ìmọ́lẹ̀. Mílísẹ́kọ́ńdì 7.1 nìyẹn. Tí títọpa ìmọ́lẹ̀ bá fi 7 kún un, ó di 14.1, ó já sí 71. Ìdajì ló sọ nù lọ́wọ́ òun náà, tèmi náà ju ìdajì lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì tiẹ̀ ṣì ṣeé gbá, ìdajì tèmi kò ṣeé gbá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń dá ẹni tó bá sọ pé “ó kàn ń gé ìdajì ni” lóhùn mọ́. Ìdajì kí ni? Ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Tí káàdì kan ò bá lè fi ìrọ̀rùn dé 100 láì tan títọpa ìmọ́lẹ̀, nínú géèmù gan-an tẹ́ ẹ fẹ́ gbá, lórí sikíríìnì gan-an tẹ́ ẹ ní, ẹ má ṣe sanwó kún owó nítorí títọpa ìmọ́lẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ títọpa ìmọ́lẹ̀ tó wúwo lórí 2560×1440, orí RTX 4070 ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀ ní tèmi, pẹ̀lú DLSS ní `Quality`. RX 9070 XT tó jáde ní 2025 náà lè rù ú, torí pé AMD tún apá yìí ṣe dáadáa nínú ìran yẹn. Àwọn ìran RX 6000 àti RX 7000 ńkọ́? Wọ́n lágbára gan-an tí títọpa ìmọ́lẹ̀ bá wà ní pípa, àwọn olójú kòkòrò sì máa ń fi nọ́ńbà ìgbà yẹn tà wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú RX 6000, àwọn kọ́ọ̀ tó ń ya àwòrán náà ló tún ń wá ọ̀nà tí ìtànṣán máa gbà, kì í ṣe ẹ̀rọ ọ̀tọ̀, ìyẹn ni àdánù tiwọn fi ń pọ̀ jù. RX 7900 XTX pàápàá, tó ń bá RTX 4080 du ipò ní ìgbà yòókù, máa ń já sẹ́yìn ẹ̀ dáadáa tí títọpa ìmọ́lẹ̀ bá ti wúwo. RTX 3050, RTX 2060 àti RX 6600 ńkọ́? Ẹ rà wọ́n fún nǹkan míì. Ní ti `Path Tracing`, ìyẹn títọpa ìmọ́lẹ̀ tó wúwo jù lọ, tó wà nínú Cyberpunk láti oṣù kẹrin 2023, RTX 4090 gan-an ò tó 30 lórí 3840×2160 tí kò bá rí ìrànwọ́ DLSS. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn polówó káàdì kékeré fún yín.

Irú jìbìtì kan tún wà tó burú ju tèmi lọ, ti GTX, àwọn káàdì Nvidia tí kì í ṣe RTX. Ní oṣù kẹrin 2019, Nvidia gbé díráífà kan jáde tó jẹ́ kí GTX 1060 gígábáìtì 6 sókè, pẹ̀lú GTX 1660, lè tan títọpa ìmọ́lẹ̀ nínú àwọn géèmù kan. Wọn ò ní kọ́ọ̀ ìtànṣán rárá, nítorí náà bọ́tìnì á tàn, géèmù á sì máa rìn bí ìgbín. Tí oníṣòwò bá fi bọ́tìnì yẹn nìkan hàn yín, kò tíì fi nǹkan kan hàn yín. Àwọn míì tiẹ̀ ń yí báyọ́ọ̀sì, ètò inú káàdì, ti káàdì àtijọ́ padà kó lè máa pe ara ẹ̀ ní RTX. Ẹ ṣí GPU-Z, ètò kékeré tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà: tó bá mọ̀ pé ayédèrú ni, ó máa kọ `[FAKE]` síwájú orúkọ káàdì náà.

Tí ẹ bá dé iwájú oníṣòwò, ẹ ní kó dìde, kẹ́ ẹ jókòó sídìí ẹ̀ fúnra yín. Ẹ ṣí ètò àwòrán títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, torí ibi tí tèmi ti sá pamọ́ nìyẹn. Ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ló fi hàn mí kó tó tì í pa. Ẹ pa DLSS, FSR, XeSS ti Intel tó jọ wọ́n, `Frame Generation` àti `Dynamic Resolution`. Ẹ rí i pé ìwọ̀n àwòrán bá ti sikíríìnì yín nílé mu. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ `Run Benchmark`. Ẹ má gbà kó dúró síwájú ògiri tàbí kó kọjú sójú ọ̀run, ìtànṣán ò níṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Ìdánwò ti Cyberpunk máa bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ọtí, á sì jáde sí gbangba níbi tí èèyàn pọ̀ sí, ẹ máa rí i bí nọ́ńbà ṣe ń já. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní pípa, lẹ́ẹ̀kan ní títàn, kẹ́ ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Tó bá ní Shadow of the Tomb Raider lòun ní, ẹ mọ̀ pé òjìji nìkan ni géèmù yẹn ń fi ìtànṣán ṣe. Iṣẹ́ fífúyẹ́ ni, kò lè sọ fún yín bí káàdì ṣe máa ṣe níbi tí dígí, omi àti iná gbogbo ti ń ṣiṣẹ́ papọ̀.

Tí káàdì bá jẹ́ ti gígábáìtì 8, ẹ má dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Títọpa ìmọ́lẹ̀ ń jẹ mẹ́mọ́rì, torí káàdì gbọ́dọ̀ kó àwòrán ìrísí gbogbo ohun tó wà láyìíká sórí kí ìtànṣán tó lè mọ ohun tó kàn. Ó lè lọ geere níbẹ̀rẹ̀, kó wá máa ta gìrì, kó máa dúró bí ẹni tó ń pọ̀kàkà ikú, lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti rìn dé àdúgbò méjì mẹ́ta nínú géèmù. Ẹ tún bi í bóyá RTX 3060 tiẹ̀ jẹ́ ti 12 tàbí ti 8, torí méjèèjì wà, ti 8 sì rẹlẹ̀ ju èyí tí mo rà lọ.

Ọkùnrin tó ta tèmi kọ̀, kò dá owó padà. Ó ní òun fi hàn mí kí n tó rà á. Fídíò ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí mo yà lọ́jọ́ yẹn ṣì wà lórí fóònù mi. Mo tún un wò lánàá, mo dá a dúró níbi tó ti ń ti ètò àwòrán pa. Nísàlẹ̀ pátápátá, díẹ̀ ló kù kí ojú ewé náà pàdé, lẹ́tà mẹ́ta hàn: `FSR`.