6 ni àbí 8? Kí a méfò, àbí kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí a rí

Àbúrò mi ní Àṣerò ya fọ́tò ìṣírò kan, ó fi ránṣẹ́ sí mi ní Ìtòkú lálẹ́ àná. Òjìji ọwọ́ rẹ̀ bo apá kan ìlà náà: x² − 5x + ? = 0. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn lè jẹ́ 6, ó sì lè jẹ́ 8.

Mo lè mú 6 láìwí nǹkan kan: (x − 2)(x − 3) = 0, x jẹ́ 2 tàbí 3. Ó yá, ó sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 8 ló wà nínú ìwé, 5² − 4 × 8, ìyẹn 25 − 32, á fún wa ní −7, kò sì ní sí nọ́ńbà gidi kankan tó lè jẹ́ x, torí iye yẹn kéré sí òdo. Ọmọ náà á kàn da ìdáhùn mi kọ ni, kò ní mọ ibi tí àṣìṣe gbà wọlé.

Ọ̀nà kejì ni mo fara mọ́. Mo fẹ fọ́tò náà lójú fóònù, mo fi wé àwọn 6 àti 8 tó hàn kedere lójú ewé kan náà, síbẹ̀ kò dá mi lójú. Mo wá kọ ọ́ sókè, kí n tó ṣírò: “Mo ka èyí tó kẹ́yìn sí 6. Bó bá jẹ́ 8, ìdáhùn á yí padà. Wo ìwé rẹ.” Pé 6 fún wa ní ìdáhùn tó gún kì í ṣe ẹ̀rí, olùkọ́ lè fẹ́ kí wọ́n fi hàn pé kò sí ìdáhùn gidi. Ká ní fọ́tò náà gé ìbéèrè kúrò pátápátá ni, mà bá ní kó tún un yà.

Ó fèsì: “Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. 8 ni o.”