Móká onífe mẹ́ta lórí iná gáàsì: ohun tó ń mú kí kọfí jóná lẹ́nu, tàbí kó máa ṣe ẹnu bí irin

Ìkòkò ìsekọfí tí mo gbé yẹ̀wò ni móká alumíníọ̀mù onífe mẹ́ta, irú èyí tí wọ́n ti ń ṣe ní Ítálì láti ọdún 1933. Ẹ má jẹ́ kí "ife mẹ́ta" tàn yín o. Ife kékeré ará Ítálì ni wọ́n ń sọ. Gbogbo ohun tó máa jáde kò ju ife tíì kan lọ. Ìkòkò tó dáa ni, kò sì wọ́n lówó àtúnṣe. Ẹ̀sùn méjì tí wọ́n máa ń fi kàn án, pé kọfí rẹ̀ ń jóná lẹ́nu àti pé ó ń ṣe ẹnu bí irin, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń fà wọ́n.

Ìparí ni jíjóná ti ń wá. Bí ìsàlẹ̀ ìkòkò bá ti ń gbóná, afẹ́fẹ́ àti oru tó há síbẹ̀ máa ti omi gba ẹsẹ̀ àrọ tí a da kọfí sí lọ sókè, inú kọfí ló sì máa gbà kọjá. Nígbà tí omi bá ti fà kúrò lẹ́nu ẹsẹ̀ àrọ yẹn, oru gbígbóná nìkan ló kù tí ń kọjá. Kọfí ti tu ohun tó dùn nínú rẹ̀ sílẹ̀ tán, ìkorò ni oru náà máa fà jáde. Ìró gbúlúgbúlú tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró gbọ́ kí wọ́n tó pa iná, ó ti pẹ́ jù nígbà náà.

Bí mo ṣe ń sè é nìyí. Omi ò gbọdọ̀ bo fáàfù kékeré tó wà lára ìsàlẹ̀ ìkòkò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ ni kó dé. Ó máa ń tó nǹkan bíi mìlílítà 150. Kọfí kún àrọ, bíi gíráàmù 15 sí 17. Ẹ fi ọwọ́ tẹ́ ojú rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí kọfí tí ẹ lọ̀ rí bí iyọ̀ tábìlì. Tó bá kúnná bí ẹlùbọ́, omi ò ní rí ọ̀nà gbà, ooru á sì pọ̀ lápọ̀jù kó tó gòkè. Ẹ nu etí ìkòkò kí ẹ tó dè é pinpin.

Ojú iná tó kéré jù ni kí ẹ gbé e lé, kí ọwọ́ iná má yọ kọjá ìdí ìkòkò. Lórí ọ̀pọ̀ gáàsì wa, ìkòkò yìí kì í dúró dáadáa lórí àwọn irin náà, nítorí náà irin pẹlẹbẹ kan lábẹ́ rẹ̀ máa ń wúlò. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ máa wò ó. Tó bá ń dà jáde díẹ̀díẹ̀ bí oyin, ó ń lọ dáadáa. Tó bá ń tú jáde, iná ti pọ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ń di pupa rẹ́súrẹ́sú, tó sì ti ń yọ ìfófò funfun, ẹ gbé e kúrò, kí ẹ gbé ìdí rẹ̀ sábẹ́ omi tútù lójú ẹsẹ̀. Omi díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù nísàlẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ibi yìí ni ẹ̀bi wà, ẹ gba ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin sínú ife kan, kí ẹ gba èyí tó kù sínú òmíràn. Ẹ tọ́ méjèèjì wò. Bí ti àkọ́kọ́ bá dùn, iná àti ìparí ni ẹ máa tún ṣe. Bí méjèèjì bá korò, kọfí ni. Púpọ̀ nínú kọfí tí wọ́n ń gbìn ní Nàìjíríà jẹ́ irú kọfí tí wọ́n ń pè ní ròbọ́sítà, ó sì ń korò nídìí tirẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá yan án dúdú.

Ní ti irin, fífọ̀ ló ń fà á jù. Alumíníọ̀mù máa ń hu awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dá ààbò bò ó, tó sì ń mú kó ní àwọ̀ eérú díẹ̀. Irin ìfọkòkò máa ha á kúrò. Ọṣẹ dúdú náà, eérú ló wà nínú rẹ̀, ó lè jẹ alumíníọ̀mù. Omi gbígbóná àti kànìnkàn rírọ̀ ti tó. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ má sì dè é pa tí ẹ bá tọ́jú rẹ̀. Tó bá jẹ́ tuntun, ẹ sè é ní ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú kọfí tó dínwó, kí ẹ dà á nù.

Ẹ fi omi lásán sè nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tọ́ ọ wò. Tó bá ń ṣe ẹnu bí irin, tí omi náà kò sì rí bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó sè é, ìkòkò ni. Fún èfun funfun tí omi kànga tàbí ti bọ́húù Ìbàdàn lè fi sílẹ̀, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan sínú omi tó dé ìsàlẹ̀ fáàfù, ẹ sè é lẹ́ẹ̀kan láìsí kọfí, ẹ sì ṣan án dáadáa. Ẹ má jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Omi píọ́wọ̀tà ni mo fi ń sè é. Bí ihò kéékèèké dúdú bá ti jẹ ìdí ìkòkò láti inú, ìfọ̀ kò lè wò ó mọ́, ẹ ra òmíràn. Ẹ wo rọ́bà tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ ìkòkò: tó bá ti le tàbí tó ń rùn bí ohun tó jóná, á máa jẹ́ kí oru yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi á sì pẹ́ kó tó gòkè. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.